Bí Ìdókòòwò Mẹ́ta Ṣe Ń Dín Ewu Ara Wọn Kù

Ẹni tí kò fẹ́ kí owó òun ṣòfò máa ń wá ibi tí ewu ti kéré jù, á sì kó gbogbo owó náà síbẹ̀. Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ ìṣirò lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí a fẹ́ ṣe yìí, ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sínú bọ́ǹdù ń retí èrè 10% lọ́dún, ewu rẹ̀ sì jẹ́ 5%. Ẹlòmíràn yọ díẹ̀ nínú owó tirẹ̀, ó fi ra ilé àti ṣíà, tí àwọn méjèèjì léwu ju bọ́ǹdù lọ. Èrè tí ẹni yìí ń retí ju 11% lọ, ewu rẹ̀ kò sì tó 5%. Ohun tó léwu ni ó fi kún ohun tí kò léwu, àpapọ̀ wọn wá fọkàn balẹ̀ ju èyí tí kò léwu lọ.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ìṣirò ilé-ìwé girama lè tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ṣòro jù ni láti mọ ìgbà tí èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé àti ìgbà tí kò ṣeé gbára lé.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi ara rẹ̀

Harry Markowitz ni ó kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ bí àwọn olùdókòòwò ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ṣìkágò, ó ka ìwé kan tí John Burr Williams gbé jáde ní 1938. Williams sọ níbẹ̀ pé iye tí ṣíà kan tó ni àpapọ̀ owó tí à ń retí pé yóò máa san fún ẹni tó ni ín, lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i padà sí iye tó jẹ́ lónìí. Markowitz wá rò ó pé: bó bá jẹ́ èrè tí à ń retí nìkan ni ènìyàn ń wò, á kàn wá ṣíà kan ṣoṣo tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù lọ, á sì kó gbogbo owó rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn olówó kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń pín owó wọn sí ọ̀nà púpọ̀, nítorí pé wọ́n ń ro ewu náà mọ́ èrè. Kí ló wá dé tí ewu kò sí nínú ìṣirò?

Ó dá ara rẹ̀ lóhùn nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ìdókòòwò mẹ́ta ni ó lò jù láti fi ṣàlàyé níbẹ̀, torí pé mẹ́ta ni èyí tó pọ̀ jù tó ṣì ṣeé yà sórí ìwé pẹlẹbẹ. Nígbà tó ń gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, Milton Friedman fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé. Wọ́n fún un ní oyè náà, nígbà tó sì di 1990, òun, Merton Miller àti William Sharpe jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé.

Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa

Àwa náà yóò lo mẹ́ta: bọ́ǹdù ìjọba, ilé tí a ń gbowó iyalégbé lórí rẹ̀, àti ṣíà ilé-iṣẹ́. Àwọn nọ́ńbà tí a fẹ́ lò kì í ṣe ti ọjà kankan. A ṣà wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn ni. Bọ́ǹdù ń mú èrè 10% wá lọ́dún ní àròpín, ilé ń mú 15% wá, ṣíà ń mú 20% wá.

Èrè ọdún kan kì í sábà bá àròpín mu. Ohun tí a ń pè ní ewu níhìn-ín ni bí èrè ọdọọdún ṣe máa ń jìnnà sí àròpín tó. Ewu bọ́ǹdù jẹ́ 5%, ti ilé jẹ́ 10%, ti ṣíà jẹ́ 20%. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ó máa ń tó ọdún méjì tí èrè ṣíà á bọ́ sí àárín òdo àti 40%. Ọdún kan tó kù lè gbé èrè ńlá wá tàbí kó gbé òfò wá.

Nígbà tí a bá ń ṣírò, a kì í lo ewu bó ṣe wà yẹn. A máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a sì ń pe èsì rẹ̀ ní fáríáǹsì. Fáríáǹsì bọ́ǹdù jẹ́ 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Ti ilé jẹ́ 100, ti ṣíà jẹ́ 400. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé fáríáǹsì ni ó ṣeé rò pọ̀. Ewu kò ṣeé rò pọ̀, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Nọ́ńbà kan ṣì kù, òun gan-an ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ sì ni. Àmọ́ bí ọ̀nà méjì tó wọ ọjà bá jọ gba orí afárá kan náà kọjá, ọjọ́ tí afárá bá já, ọ̀nà méjèèjì dí lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé pé òun ní ọ̀nà méjì kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdókòòwò méjì ṣe jọ ń gba orí afárá kan tó ni à ń pè ní kofáríáǹsì. Bí a ṣe ń rí i nìyí: lọ́dọọdún, a ó wo iye tí èrè ìkíní fi jìnnà sí àròpín tirẹ̀ àti iye tí èrè ìkejì fi jìnnà sí tirẹ̀, a ó sọ méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, a ó sì wá àròpín gbogbo ọdún náà. Bí méjèèjì bá ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń wálẹ̀ pọ̀, èsì rẹ̀ á ju òdo lọ. Bí ọ̀kan bá ń gòkè nígbà tí èkejì ń wálẹ̀, èsì á kéré sí òdo. Bí wọn kò bá mọ ara wọn rárá, á jẹ́ òdo.

Tí a bá kó gbogbo fáríáǹsì àti kofáríáǹsì sínú àtẹ kan, mátíríìsì kofáríáǹsì nìyẹn. Tiwa rèé:

```
          bọ́ǹdù    ilé    ṣíà
bọ́ǹdù      25      10      0
ilé        10     100     40
ṣíà         0      40    400
```

Àwọn nọ́ńbà tó dábùú láti òkè apá òsì wá sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ìyẹn 25, 100 àti 400, ni fáríáǹsì. Àwọn tó kù ni kofáríáǹsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ilé pẹ̀lú ṣíà kò yàtọ̀ sí ṣíà pẹ̀lú ilé. A rí i pé bọ́ǹdù àti ṣíà kò mọ ara wọn rárá, ilé sì ní ìbátan díẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjèèjì.

Wíwá àpò tí ewu rẹ̀ kéré jù fún èrè 15%

Ká pe ìdá owó tí a fi sí bọ́ǹdù ní b, ti ilé ní i, ti ṣíà ní s. Àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, ìyẹn gbogbo owó náà. Láti rí fáríáǹsì gbogbo àpò, a ó mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ òkè yẹn, a ó fi ìdá ìlà tó wà àti ìdá òpó tó wà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí yóò jáde nìyí:

```
V = 25b² + 100i² + 400s² + 20bi + 80is
```

20 àti 80 jẹ́ ìlọ́po méjì 10 àti 40, torí pé kofáríáǹsì kọ̀ọ̀kan wà lójú ibi méjì nínú àtẹ. Ti bọ́ǹdù àti ṣíà kò sí níbẹ̀ torí pé òdo ni.

Ká wá sọ pé èrè 15% ni a fẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a kó gbogbo owó sí ilé, ewu rẹ̀ á sì jẹ́ 10%. Ǹjẹ́ ọ̀nà míì wà tí a fi lè rí 15% yìí kí ewu rẹ̀ sì kéré sí ìyẹn? Ṣíà ń mú èrè tó fi 5 ju 15 lọ wá, bọ́ǹdù sì fi 5 dín. Nítorí náà, iye yòówù tí a bá fi sí ṣíà, a gbọ́dọ̀ fi iye kan náà sí bọ́ǹdù kí èrè lè dúró ní 15%. Ìyẹn ni pé s bá b dọ́gba, ohun tó ṣẹ́ kù, 1 − 2b, á sì lọ sí ilé. Ohun mẹ́ta tí a kò mọ̀ ti di ẹyọ kan. Tí a bá fi èyí rọ́pò nínú ìlà òkè yẹn, tí a sì tò ó dáadáa, ó di:

```
V = 625b² − 300b + 100
```

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà dán an wò. Tí b bá jẹ́ òdo, gbogbo owó wà nínú ilé, V jẹ́ 100, ewu sì jẹ́ 10%. Tí b bá jẹ́ 0.1, V di 76.25, ewu sì wálẹ̀ sí 8.7%. Ní 0.2, V jẹ́ 65. Tí a bá wá lọ dé 0.3, V ti tún ń gòkè, ó di 66.25. Tó bá dé 0.5, tí a kò ní ilé mọ́, tí bọ́ǹdù àti ṣíà pín owó náà dọ́gba, V di 106.25, èyí tó burú ju ilé nìkan lọ. Ibi tó kéré jù lọ wà láàárín 0.2 àti 0.3. Ìlànà tí a kọ́ ní girama sọ pé kí a pín 300 pẹ̀lú ìlọ́po méjì 625, èyí tó fún wa ní 0.24 gẹ́lẹ́. V níbẹ̀ jẹ́ 64. Nọ́ńbà tó sì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fi di 64 ni 8.

Àpò tí a ń wá nìyẹn: 24% sí bọ́ǹdù, 52% sí ilé, 24% sí ṣíà. Èrè rẹ̀ bá ti ilé nìkan dọ́gba, àmọ́ ewu rẹ̀ ti dín láti 10% sí 8%. Ẹ sì wò ó: tó bá jẹ́ pé a kàn ro ewu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá wọn, 1.2 láti inú bọ́ǹdù, 5.2 láti inú ilé, 4.8 láti inú ṣíà, èsì rẹ̀ ì bá jẹ́ 11.2%. Ohun tó wà láàárín 11.2 àti 8 ni èrè àìgba orí afárá kan náà kọjá.

Láti ojú kan sí gbogbo ààlà

Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dúró lórí 15%. Fún èrè yòówù tí a bá ń fẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdá ṣíà àti ìdá bọ́ǹdù ni yóò yí padà. Ká pe ìyàtọ̀ yìí, s − b, ní k. Tí èrè tí a fẹ́ bá jẹ́ 15, k jẹ́ òdo. Tó bá jẹ́ 20, k jẹ́ 1. Tó bá jẹ́ 10, k jẹ́ −1. Tí a bá tún gbogbo ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú k nínú rẹ̀, ìdáhùn tó jáde kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

```
b = 0.24 − 0.752k
i = 0.52 + 0.504k
s = 0.24 + 0.248k
V = 66.56k² + 105.6k + 64
```

Ìlà ìkẹrin yìí ni ẹ̀ka gígùn tí ìwé ìdókòòwò gbogbo máa ń yà. Ibi tó kéré jù lọ lórí rẹ̀ ni k bá jẹ́ −0.793. Níbẹ̀, V jẹ́ 22.1, ewu sì jẹ́ 4.70%, èrè rẹ̀ sì jẹ́ 11.03%. Kò sí bí a ṣe lè pín owó sí àwọn mẹ́ta yìí tí ewu rẹ̀ á kéré sí ìyẹn. Àpò ẹni kejì tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ nìyí. Tó bá ní mílíọ̀nù kan náírà, bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 837 á wà nínú bọ́ǹdù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 120 nínú ilé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 43 péré nínú ṣíà.

Ohun gbogbo tó wà lókè ojú yìí ni ààlà tó múná dóko: fún ewu kọ̀ọ̀kan, èrè tó pọ̀ jù tí a lè rí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ ní yíyàn, torí pé fún ewu kan náà, ojú míì wà lókè tó ń mú èrè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Apá ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni ẹni tó ní bọ́ǹdù nìkan wà. Tó bá tiẹ̀ fẹ́ràn ewu 5% tó ní yẹn, kó fi 68% sí bọ́ǹdù, 22.5% sí ilé, 9.5% sí ṣíà. Ewu rẹ̀ kò ní yí padà, àmọ́ èrè rẹ̀ á kúrò ní 10% á di bíi 12%.

Bí ààlà náà ṣe rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè rèé, gbogbo nọ́ńbà jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún:

```
 èrè      ewu     bọ́ǹdù    ilé     ṣíà
11.03     4.70     83.7    12.0     4.3
12.50     5.28     61.6    26.8    11.6
15.00     8.00     24.0    52.0    24.0
16.60    10.22      0      68.1    31.9
18.00    13.39      0      40.0    60.0
20.00    20.00      0       0     100.0
```

Ẹ wo ìlà kẹrin dáadáa. Láti 11.03 dé 16.60, ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí padà ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni ń rìn lọ tààrà, torí bẹ́ẹ̀ àpò tó wà láàárín méjì lórí ọ̀nà yìí jẹ́ àdàpọ̀ àwọn méjèèjì lásán. Nígbà tó dé 16.60, bọ́ǹdù tán. Tí a bá tẹ̀ lé ìlà mẹ́rin òkè yẹn kọjá ibẹ̀, b á di ohun tó kéré sí òdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a yá bọ́ǹdù tí kì í ṣe tiwa, kí a tà á, kí a fi owó rẹ̀ ra ilé àti ṣíà, kí a sì wá a rà padà lọ́jọ́ iwájú fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ á rí èrè 20% pẹ̀lú ewu 15.4% péré, ṣùgbọ́n gbèsè bọ́ǹdù tó máa jẹ ju ìdajì owó tirẹ̀ lọ. Ní 1952, Markowitz kò fàyè gba irú èyí nínú ìṣirò tirẹ̀. Robert Merton ló gbé ìdáhùn tó fàyè gbà á kalẹ̀ ní kíkún ní 1972. Fún ènìyàn bíi tiwa tí kò lè yá bọ́ǹdù tà, ọ̀nà náà ṣẹ́rí ní 16.60: a ó gbàgbé bọ́ǹdù, a ó máa pín owó láàárín ilé àti ṣíà nìkan títí tí gbogbo rẹ̀ á fi di ṣíà. Ewu á sì máa yára gòkè láti ibẹ̀ lọ, torí pé àwọn tó lè gbá a mú ti dín kan.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ìṣirò náà pé

Ẹni tó bá fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ṣe ìṣirò yìí lè ṣe àṣìṣe láìmọ̀, torí pé ìdá tó jọ òótọ́ pọ̀. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò tí kì í tan ni jẹ. Mú àpò 24, 52, 24, kí o wá kofáríáǹsì ìdókòòwò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò náà lódindi: fi ìdá mẹ́ta yìí sọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ di púpọ̀, kí o sì rò ó pọ̀. Bọ́ǹdù fún wa ní 11.2, ilé ní 64, ṣíà ní 116.8. Láti bọ́ǹdù sí ilé, nọ́ńbà náà fi 52.8 gòkè. Láti ilé sí ṣíà, 52.8 náà ni. Èrè sì ń gòkè ní 5 àti 5. Nínú àpò tó bá wà lórí ààlà, gbogbo ìdókòòwò tó wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa san iye ewu kan náà fún ìdá èrè kan tó bá mú wá.

Tí ìgbésẹ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹnìkan ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ nínú àpò náà. Ká pín owó sí mẹ́ta dọ́gba, kí a sì tún un yẹ̀ wò. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ 11.7, 50 àti 146.7. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 38.3, ìkejì jẹ́ 96.7. Ṣíà ń kó ewu wá ju bí èrè rẹ̀ ṣe tó lọ, torí náà a ní láti dín in kù, kí a dín bọ́ǹdù náà kù pẹ̀lú rẹ̀ kí èrè má bàa yẹ̀, kí a sì fi kún ilé. Ọ̀nà 24, 52, 24 ni ìyẹn sì ń darí wa sí.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń tan ènìyàn

Gbogbo ohun tí a ti ṣe yìí pé, àmọ́ ó pé fún nọ́ńbà tí a fún un ni. Níbo ni a ti rí 20% ti ṣíà? Inú àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá ni. Àṣìṣe tó wà nínú àròpín irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tó ewu tí a pín pẹ̀lú gbòǹgbò iye ọdún. Fún ọdún 10, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 3.16, torí náà àṣìṣe tó wà nínú 20% yẹn jẹ́ bíi 6.3%. Èrè tòótọ́ lè jẹ́ 14%, ó sì lè jẹ́ 26%. Láti dín àṣìṣe yìí kù sí ìdajì, a nílò àkọsílẹ̀ ọdún 40. Kíka èrè lójoojúmọ́ dípò lọ́dọọdún kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, torí pé iye tí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ àti iye tó fi parí ni àròpín gbára lé. Fáríáǹsì àti kofáríáǹsì ni kíkà lójoojúmọ́ máa ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí àtẹ náà fi ṣeé gbà gbọ́ ju àwọn èrè lọ.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè fà. Ká ní èrè ṣíà jẹ́ 16% dípò 20%, ìyàtọ̀ tó kéré sí àṣìṣe ọdún mẹ́wàá. A kò fọwọ́ kan nọ́ńbà yòókù, a ṣì ń wá èrè 15%. Ìṣirò á sọ pé kí a fi 3.5% péré sí bọ́ǹdù, 78.9% sí ilé, 17.6% sí ṣíà. Bọ́ǹdù tí a kò yí ohunkóhun nípa rẹ̀ padà ló já láti 24% wá sí 3.5%. Ìṣirò yìí máa ń sáré tọ ohun tó bá jọ pé ó dára jù lọ, èyí tó bá sì jọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí a ṣe àṣìṣe lé lórí jù. Richard Michaud sọ ọ́ ní 1989 pé irú ìṣirò yìí máa ń sọ àṣìṣe di ńlá. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a yí èrè kan padà díẹ̀, kí a sì wo bí ìdá ṣe yí. Bí wọ́n bá fò káàkiri, kí a má gbára lé wọn.

Ewu kejì wà nínú àtẹ fúnra rẹ̀. Kofáríáǹsì tí a ṣírò nígbà tí nǹkan rọgbọ kì í ṣe èyí tó máa wà nígbà tí ọjà bá dàrú. Ní 2008, ṣíà àti àwọn ìdókòòwò ilé tó wà ní ọjà jọ já wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ká sọ pé kofáríáǹsì ilé àti ṣíà kúrò ní 40, ó di 180, tí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn bí ẹyọ kan. Ewu àpò 24, 52, 24 á kúrò ní 8%, á di 9.95%. Ilé nìkan jẹ́ 10%. Gbogbo ohun tí pípín owó fún wa ti lọ, lákòókò tí a nílò rẹ̀ jù.

Kí la wá lè gbà nínú rẹ̀?

Ní 2009, Victor DeMiguel, Lorenzo Garlappi àti Raman Uppal fi ọ̀nà ìṣirò 14 wé pípín owó dọ́gba lásán, lórí oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ ọjà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń borí pípín dọ́gba nígbà gbogbo. Tiwa náà fi ìdí rẹ̀ hàn. Tí a bá pín owó sí mẹ́ta dọ́gba, èrè jẹ́ 15%, fáríáǹsì jẹ́ 625 tí a pín sí 9, ewu sì jẹ́ 8.33%. Láti ilé nìkan sí pípín dọ́gba, ewu dín láti 10 sí 8.33. Gbogbo làálàá ìṣirò wá dín in láti 8.33 sí 8. Èyí tó pọ̀ nínú àǹfààní náà ti wọlé kí a tó gbé bírò, bí àwọn ìdókòòwò náà kò bá ṣáà ti jọ ń gba orí afárá kan.

Ìṣirò náà ṣì wúlò gan-an níbi tí pípín dọ́gba kò ti ní ọ̀rọ̀ sọ, ìyẹn nígbà tí ẹnìkan bá gbé ìdókòòwò kẹrin wá. Ká ní wúrà ni, tí à ń retí èrè 12% lórí rẹ̀, tí ewu tirẹ̀ sì jẹ́ 30%. Ẹni tó wò ó lásán á ní ó léwu ju ṣíà lọ, èrè rẹ̀ sì kéré sí ti ilé, kí ni a fẹ́ fi í ṣe? Àmọ́ nínú àpò wa tó ń mú 15% wá, ìdá èrè kan ń gba 10.56 nínú kofáríáǹsì, torí pé 52.8 ni 5 ń gbà. Ilé tó ń mú 15 wá ní 64. Ohun tó ń mú 12 wá, tó fi 3 dín, kò gbọ́dọ̀ ju 64 lọ́nà tí a yọ 31.7 kúrò, ìyẹn 32.3. Tí kofáríáǹsì wúrà pẹ̀lú àpò wa bá kéré sí 32.3, fífi díẹ̀ kún un á dín ewu gbogbo àpò kù láìdín èrè kù. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa lọ. Nọ́ńbà tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó ti pèsè ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.